Tóòsì ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó: báwo ni mo ṣe fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín tí ojú ò ní ti ọ̀rẹ́ mi?

ỌmọOgbómọ̀ṣọ́NíKubwa
Ẹ kú ilé o, gbogbo ará wa tó wà l'Àbújá àti káàkiri Òkè Ọya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù tí ọ̀rẹ́ mi máa ṣègbéyàwó, èmi ni ọ̀rẹ́ ọkọ. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti gé kéèkì tán, èmi ni màá ṣe tóòsì. Gbọ̀ngàn kan ní Utako la máa lò. Ara Kafanchan làwọn òbí ìyàwó, wọn ò gbọ́ Yorùbá. Bàbá ọkọ jẹ́ díákónì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Gẹ̀ẹ́sì ni màá fi sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, àmọ́ Yorùbá ni mo fi ń rò ó.

Mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí ara sì tu ọ̀rẹ́ mi níbi tó jókòó sí. Ìtàn mẹ́ta ni mo ní lọ́wọ́.

Èkíní: nígbà tá a wà ní ibùdó àgùnbánirọ̀ ní Kubwa, ó sá pamọ́ sábẹ́ ibùsùn kó má bàa lọ sáré àárọ̀, sójà kan sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ́ ọ jáde.

Èkejì: ọjọ́ tí ọmọbìnrin kan tó ń bá rìn nígbà yẹn kanlẹ̀kùn nígbà tí òmíràn wà nínú ilé. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ wa ló ní èyí ni kí n sọ.

Ẹ̀kẹta: bó ṣe ń ra nǹkan lọ́jà Kubwa láì gbọ́ Hausa. Èyí ò fi bẹ́ẹ̀ gbóná lójú tèmi, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀.

Èwo ni kí n mú?

ÌyáÌbejìGwarinpa
Ẹ kú oríire o. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ọkọ, ẹ tètè kó ṣéńjì dání, torí alága ìjókòó á máa bù yín lówó ìtanràn lórí gbogbo nǹkan. Ẹ sì fi ìdọ̀bálẹ̀ náà dánra wò nílé. Níbi ìdána ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní káwọn ọ̀rẹ́ ọkọ tún un ṣe nítorí pé wọn ò na ara wọn délẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ti tóòsì èyíkéyìí lọ.

ỌmọOgbómọ̀ṣọ́NíKubwa
Ẹ ṣeun mà. Ìdána ti kọjá, Kafanchan la ti ṣe é lóṣù tó kọjá, kò sì sí alága níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí màá sọ nínú gbọ̀ngàn, tí ife wà lọ́wọ́ mi, ni mò ń bèèrè.

Gbẹ́nuSọ_Minna
Ọ̀rẹ́, má da ara rẹ láàmú. Ìṣẹ́jú kan péré. Wá àwàdà kan lórí ayélujára nípa ìyàwó tó ń pàṣẹ nílé, wọ́n á rẹ́rìn-ín, gbé ife sókè, lọ jókòó. Ebi ti ń pa àwọn èèyàn nígbà yẹn. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó bínú.

AlágaÌdúró_Lugbe
Ẹ̀gbọ́n Minna, ẹ̀yin lẹ jàre lórí ebi. Àmọ́ àwàdà orí ayélujára yẹn, ẹ́mùsíì ti da á sílẹ̀ ní wákàtí kan kí ọ̀rẹ́ ọkọ tó dìde. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ níṣojú mi: ọ̀rẹ́ ọkọ sọ ọ́ tán, tábìlì kan dá a lóhùn pé “a ti gbọ́ yẹn.” Yàtọ̀ síyẹn, ẹnikẹ́ni ló lè sọ ọ́. Ìdí tí wọ́n fi fún ọ̀rẹ́ ọkọ ní máíkù ni pé ó mọ ohun kan nípa ọkọ tí ẹ́mùsíì ò mọ̀.

Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́, sin ìtàn kejì. Kì í ṣe pé kò pani lẹ́rìn-ín. Wo ẹni tí yóò rín ẹ̀rín náà: tábìlì àwọn ọ̀rẹ́ yín nìkan. Tábìlì ìyá ìyàwó á dákẹ́. Ìyàwó fúnra rẹ̀ á rẹ́rìn-ín nítorí pé kámẹ́rà dojú kọ ọ́, ìgbà tí wọ́n bá délé ló máa wá béèrè pé ta ni ọmọ yẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń tì ọ́ síbẹ̀ ò ní bá a dáhùn.

Ìtàn èkíní ò burú, àmọ́ ohun kan kù nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n ṣe é ní nǹkan ni. Sójà wọ́ ọ, ó tán. Kí lẹni tó gbọ́ ọ máa mọ̀ nípa irú èèyàn tó jẹ́? Ẹni tí kò bá sì sin ìlú rí ò ní mọ ohun tó wà nínú fèrè aago márùn-ún òwúrọ̀.

Sọ ti ọjà fún wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ, torí pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ téèyàn ò bá gbọ́ èdè. Àṣìṣe tí ojú ò ti ẹni tó ṣe é ni tóòsì ń fẹ́. Ohun tí mo sì fi ń mọ̀ ọ́n nìyí: ṣé òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ìtàn náà fáwọn èèyàn? Tó bá ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ìwọ náà lè sọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ọ̀rẹ́ lẹ máa ń sọ ọ́ tóun á máa ní “ẹ fi mí sílẹ̀ jàre”, fi í sílẹ̀ lóòótọ́.

ỌkọKàdúná
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ọ̀rẹ́ mi fẹ́ yìn mí. Ó ní wọ́n dá mi dúró níbi iṣẹ́, mo jẹun nílé òun fún oṣù mẹ́fà, mi ò sì bọ́hùn. Ìyìn ló pè é. Omi bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Bàbá ìyàwó mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn rí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló pè mí, ó ní ṣé mo ti ríṣẹ́ báyìí àbí ọmọ òun náà á lọ máa jẹun nílé ọ̀rẹ́. Mo ti ríṣẹ́ láti ọdún kejì ìgbà náà. Títí dòní, bí wọ́n bá ń ṣàwàdà nílé wọn, “oṣù mẹ́fà” ni wọ́n ń pè mí. Nítorí náà kì í ṣe àwàdà nìkan ló ń dójú tini. Ìyìn náà lè ṣe é. Ọ̀rọ̀ owó, iṣẹ́, àìsàn, ọjọ́ orí tó fi gbéyàwó, àti ọmọ tí wọn ò tíì bí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu kàn án.

Mo sì rọ̀ ọ́ pé kó o fi ọ̀rọ̀ náà han ọkọ ṣáájú. Ká ní ọ̀rẹ́ mi fi hàn mí ni, gbólóhùn kan péré ni ǹ bá ní kó yọ.

AlágaÌdúró_Lugbe
Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá. Mi ò bá yín jà lórí èyí tó ṣẹlẹ̀ sí yín. Àmọ́ ọkọ tó ti ka tóòsì tẹ́lẹ̀ á jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ á sì hàn nínú fọ́tò. Ẹ fi han ẹnì kan nílé ìyàwó dípò òun, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀. Òun ló mọ ohun tí bàbá wọn ò gbọ́dọ̀ gbọ́.

ỌmọOgbómọ̀ṣọ́NíKubwa
Ẹ ṣeun gan-an. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn ọjà yẹn ní tòótọ́, ó sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti kọ ọ́. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀:

“Alága ọjọ́ òní, ẹ̀yin òbí ọkọ, ẹ̀yin òbí ìyàwó, ẹ̀yin ẹni Ọlọ́run, ẹ̀yin lọ́balọ́ba, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti ará, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó máa pa yín lẹ́rìn-ín dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi yìí, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó rí ìyàwó, ẹ bá wa dúpẹ́. Nígbà tá a dé Kubwa lọ́dún 2016, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka owó ní Hausa, torí náà nígbà tó bi ìyá Gàmbàrí kan pé ‘Nawa ne?’, kò gbọ́ ohun tó fi dá a lóhùn. Ó bá na gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ sí i pé kó mú tirẹ̀. Lónìí, ó ti fẹ́ ọmọ Hausa tó máa bá a ka owó.”

ỌmọZaria
Háà, dúró níbẹ̀! Zaria ni wọ́n bí mi sí, ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí. Ará Kafanchan ń sọ Hausa, àmọ́ wọn kì í ṣe Hausa. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ló wà ní ìhà gúúsù Kàdúná, wọ́n ní èdè tiwọn, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dùn wọ́n gan-an tí ẹni tó wá láti gúúsù Nàìjíríà bá kó gbogbo wọn pọ̀. Tó o bá pe ìyàwó ní ọmọ Hausa níṣojú àwọn àbúrò bàbá rẹ̀, ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ, wọn ò ní gbọ́ ọ mọ́. “Ó gbọ́ Hausa” ni kó o sọ.

“Ìyá Gàmbàrí” náà, yọ ọ́ kúrò. Nílé wa a lè sọ ọ́ láì ní ibi nínú, àmọ́ nínú gbọ̀ngàn l'Àbújá, o ò mọ ẹni tó jókòó sẹ́yìn. “Ìyá kan” ti tó.

Tó o bá lè fi Hausa gbàdúrà kan ní ìparí, á wọ̀ wọ́n lára: “Allah ya ba da zaman lafiya.” Kí Ọlọ́run jẹ́ kẹ́ ẹ gbé pọ̀ ní àlàáfíà, ìyẹn ni. Kristẹni ibẹ̀ náà ń pe Ọlọ́run bẹ́ẹ̀. Kọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́, má kà á láti inú ìwé.

Gbẹ́nuSọ_Minna
Mi ò fara mọ́ Hausa yẹn. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ dá lórí àìgbọ́ èdè, tí òun náà bá wá kọsẹ̀ lórí rẹ̀ ńkọ́?

ỌmọZaria
Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ni. Ó lè kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

AlágaÌdúró_Lugbe
Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́, ìtàn yẹn dára ju bó o ṣe kọ ọ́ lọ. Jẹ́ ká jọ tú u.

Ìkíni yẹn gùn jù. Ẹ́mùsíì ti kí gbogbo wọn. “Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín ní ipò ipò.” Tẹrí ba fún tábìlì òbí méjèèjì bó o ṣe ń sọ ọ́, ó parí.

“Ìtàn tó máa pa yín lẹ́rìn-ín”: yọ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé yóò rẹ́rìn-ín, ńṣe lá káwọ́ gbera. Ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ọdún yẹn, ọ̀gá Kàdúná ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ ti gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe ohun àwàdà lójú tirẹ̀.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù nìyí. O sọ pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka owó, lẹ́yìn náà lo wá sọ pé ó béèrè iye rẹ̀. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ti jáde kó o tó débẹ̀. Yí i padà. Jẹ́ kó kọ́kọ́ kọ́ ìbéèrè náà, kó yangàn, kó lọ sọ́jà, kó béèrè, kí ìyá náà dáhùn. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni kó o wá fi sọ pé ìdáhùn ni kò kọ́. Ọ̀rọ̀ tó ń pani lẹ́rìn-ín gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó kẹ́yìn lẹ́nu rẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, pa ẹnu mọ́. Ka ení, èjì, nínú ọkàn rẹ. Má kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, má sì tètè fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó.

Ohun tó kù ni inú rere rẹ̀. Kí ló dé tó fi ń na gbogbo owó rẹ̀ sí àwọn èèyàn? Ǹjẹ́ ẹnì kan rẹ́ ẹ jẹ rí? Lọ bi í bí ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn.

ỌmọOgbómọ̀ṣọ́NíKubwa
Mo bi í lánàá nígbà tá à ń jẹun. Èsì tó fún mi, mi ò gbọ́ ọ rí láti ọdún yẹn wá. Mo ti tún gbogbo rẹ̀ kọ:

“Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín ní ipò ipò. Ọdún 2016 ni èmi àti ọkọ ìyàwó dé Kubwa gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Kò gbọ́ Hausa rárá. Ó fi odindi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọ̀rọ̀ kan: ‘Nawa ne?’ Èló ni. Ó ń sọ ọ́ nínú balùwẹ̀, ó ń sọ ọ́ lójú oorun. Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé àpò, ó lọ sọ́jà, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta tòmátì, ó dúró ṣinṣin, ó ní, ‘Nawa ne?’ Ìyá náà dá a lóhùn. Ìgbà yẹn ló rántí pé òun ò tíì kọ́ ìdáhùn.

“Ó bá kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ bí abẹ̀bẹ̀, ó nawọ́ sí i. Ìyá náà wò ó, ó fa bébà kan yọ, ó fi ṣéńjì há àárín ìka rẹ̀. Ọdún kan gbáko ló fi ń ra ọjà bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ẹ̀rù ò bà ọ́ kí wọ́n rẹ́ ọ jẹ? Ó ní, ‘Ẹni téèyàn bá na gbogbo ọwọ́ sí, ojú á tì í láti mú ju tirẹ̀ lọ.’

“Mo ti rí i tó na ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn, mo wà lára wọn. Ìyàwó wa, ẹ̀yin lẹ gbọ́ Hausa nínú ilé yìí. Ẹ̀yin lẹ mọ ìdáhùn tó ti ń wá láti ọdún yẹn. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ ká gbé ife wa sókè. Kí ilé wọn tòrò, kí ẹ̀rín má tán níbẹ̀.”

AlágaÌdúró_Lugbe
Má fọwọ́ kàn án mọ́! Bóyá “ó ń sọ ọ́ lójú oorun” nìkan lo lè yọ tí kò bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, torí bàlùwẹ̀ ti tó.

Kà á sókè nílé, kí fóònù máa ka àkókò. Tí kò bá kọjá ìṣẹ́jú 2 àti ààbọ̀ nínú yàrá, nínú gbọ̀ngàn á tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 pẹ̀lú ẹ̀rín àti pàtẹ́wọ́. Gbé máíkù sún mọ́ ẹnu, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, má gbé e sísàlẹ̀ tó o bá ń wo ìwé.

Kó o tó bẹ̀rẹ̀, wo orí tábìlì. Bí ife bá ṣófo, bẹ ẹ́mùsíì kí àwọn agbáwo kọ́kọ́ bu nǹkan sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tó o bá ní “ẹ gbé ife sókè”, ìdajì gbọ̀ngàn á máa wá igo kiri, ọ̀rọ̀ rẹ á sì tutù sílẹ̀. Má sọ pé kí wọ́n gbé wáìnì. “Ife” ni kó o sọ. Ti díákónì lè jẹ́ omi, ti ẹlòmíì lè jẹ́ sobo.

ÌyáÌbejìGwarinpa
Omi ti bọ́ lójú mi lórí abẹ̀bẹ̀ owó yẹn o. Ẹ dákun, ta ni aṣọ ẹgbẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀?

ỌmọOgbómọ̀ṣọ́NíKubwa
Ẹ kú àdúró o. Àná ni.

Ife ṣófo lóòótọ́. Ẹ́mùsíì pè mí kí wọ́n tó bu nǹkan kan, mo ní ká dúró díẹ̀, àwọn agbáwo sì yára. Nígbà tí mo dé “kò tíì kọ́ ìdáhùn”, mo pa ẹnu mọ́. Ení, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Èjì, tábìlì ìyá ìyàwó ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, torí àwọn ni wọ́n gbọ́ ìbéèrè náà jù. Díjéè wá rò pé mo ti parí, ó gbé orin sókè, ó sì tó ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó pa á. Ẹni tó bá máa ṣe irú èyí, ẹ kọ́kọ́ bá díjéè sọ̀rọ̀ pé ìgbà tí ife bá gòkè ni kó tó fọwọ́ kan nǹkan.

Mo fi Hausa gbàdúrà náà. Mo kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kẹta. Ẹ̀gbọ́n Minna, ẹ jàre. Àmọ́ bàbá ìyàwó bá mi parí rẹ̀ látorí ìjókòó, gbogbo wọn sì ṣe àmín.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ látibi fọ́tò, mo gbọ́ tí ìyàwó yí sí ọkọ, ó ní, “Nawa ne?” Ó na ọwọ́ méjèèjì sí i.

ỌkọKàdúná
Ẹ kú oríire. Inú mi dùn gan-an. Síbẹ̀, mo ṣì ní ká ti fi han ọkọ ṣáájú.